Kàlẹ́ńdà ìkọ̀wé ṣọ́ọ̀bù èlùbọ́ wa ní Bódìjà: oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá, 2026

Àǹtí, ohun tí a jọ sọ nìyí, mo ti tò ó sí déètì. Àpilẹ̀kọ kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, Ọjọ́bọ̀ ni yóò máa jáde, kí oníbàárà lè ti kà á kó tó di àárọ̀ Sátidé tí ọjà máa ń kún. Ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí ẹ ní kí n máa kọ, kò ní ṣeé ṣe. Kí n tó ti Sẹkitéríàtì délé, ilẹ̀ ti ṣú; ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè nìkan ló kù fún mi. Sọ́ńdè kìíní ni màá fi kọ ọ́, èkejì ni màá fi tún un ṣe. A ò ní kọ iye owó sínú àpilẹ̀kọ kankan, torí iye tí kóńgò jẹ́ lónìí lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́la. Ti owó, orí sítétọ́ọ̀sì Wáásáàpù ni, láàárọ̀ Jímọ̀.

1 oṣù Kẹwàá, Ọjọ́bọ̀. A ò gbé nǹkan kan jáde. Òmìnira ni, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló máa gbé àsíá sórí fóònù wọn.

8 oṣù Kẹwàá: "Ṣé aró ni wọ́n ń pò mọ́ èlùbọ́ ni?"
Èyí ló máa gùn jù, torí òun ni wọ́n ń bi yín jù. Màá ṣàlàyé pé a kì í se iṣu gbodo jinná. Omi tó gbóná dáadáa tí kò tíì hó la ń bọ̀ ọ́ sí, inú omi náà ló máa sùn, ọjọ́ kejì la ó tó sá a. Nǹkan kan wà nínú iṣu tó máa ń pọ́n tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i, òun náà ló ń mú kí iṣu tí a bó tí a ò tètè sè yí àwọ̀. Tí a bá wá ro ó lórí iná, ó tún dúdú sí i. Kò sí aró ńbẹ̀. Fún fọ́tò, ẹ mú gbodo kan tó gbẹ dáadáa, ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì, kí ọmọ tó ń bá yín tajà ya inú rẹ̀ níta, kí oòrùn tó mú. Mi ò fẹ́ fọ́tò àpò mọ́, a ti ní púpọ̀.

22 oṣù Kẹwàá: Bí kòkòrò ò ṣe ní wọ èlùbọ́ nílé.
Kúkúrú. Kó gbẹ, kó wà nínú ike tó ní ìdérí, kí ṣíbí tútù má wọ ibẹ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ gbangba pé a kì í fi oògùn kòkòrò sí gbodo wa, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ pe àwọn ìyá tó ń kó o wá fún yín láti Ṣakí. Bí wọn ò bá fi gbogbo ẹnu sọ ọ́, màá yọ gbólóhùn yẹn kúrò.

5 oṣù Kọkànlá: Èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀.
14 oṣù náà ni Ọjọ́ Àtọ̀gbẹ Lágbàáyé, ó yẹ kó ti jáde ṣáájú. Àǹtí, ẹ má bínú, mi ò ní kọ ọ́ pé ó ń wo àtọ̀gbẹ sàn, bí àwọn ará ọjà tó kù bá tiẹ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ la ń tà, a ò ta oògùn, NÁFÚDÀÀKÌ ò sì gba irú ìpolówó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú la fi ṣe é, kò dùn tó èyí tó ti pọ́n; ìwọ̀n tí aláìsàn lè jẹ, kó bi dókítà rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó máa ń ra ọjà lọ́wọ́ yín ní àárọ̀ Sátidé, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó kà á kó tó jáde.

19 oṣù Kọkànlá: Àmàlà ẹni kan, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì.
A ní láti fi kọ́ọ̀pù wọn omi àti èlùbọ́ nínú ilé ìdáná yín kí n tó kọ ọ́. "Bu omi díẹ̀" ò lè ran ẹni tí kò ro àmàlà rí lọ́wọ́.

3 oṣù Kejìlá: Èlùbọ́ fún àwọn tó ń bọ̀ wálé Kérésì, àti àwọn tó fẹ́ gbé e lọ sókè òkun.
Ọjọ́ tí a ó pa gbígba iṣẹ́ dé ni kókó rẹ̀. Mo kọ 16 sílẹ̀. Ẹ sọ fún mi tó bá yá jù.

17 oṣù Kejìlá: Wákàtí tí a ń ṣí, tí a ń tì.
Ìlà mẹ́rin péré. Nínú oṣù Kọkànlá ni màá ti kọ èyí àti ti 3 sílẹ̀, torí ibi iṣẹ́ mi ò ní fún mi láyè nígbà yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di ọdún tuntun.

Ìpamọ́, bí ọ̀kan bá kùnà: ìyàtọ̀ láfún àti àmàlà iṣu, mo ti kọ ìdajì rẹ̀. Ti àwọn tó ń sá gbodo nínú ẹ̀ẹ̀rùn di oṣù Kìíní, tí ẹ bá ń lọ Ṣakí, kí n lè bá yín lọ.

Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi kó tó di Ọjọ́ Àìkú 27 oṣù Kẹsàn-án, torí ọjọ́ náà ni màá bẹ̀rẹ̀ ti 8 oṣù Kẹwàá.