Pẹ́ńṣọ̀n tuntun fún òṣìṣẹ́ ilé-ìwé wa: kókó ohun tí a sọ ní ìpàdé

Ìpàdé gbogbo òṣìṣẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́, ọjọ́ Ẹtì, 16 oṣù Kìíní, ọdún 2026. Ọ́fíìsì bọ́sà ló kọ ọ́.

Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé lọ́wọ́ nígbà tí a ṣèpàdé, àti ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ wà ní ilé ìdáná, ẹ̀yin la kọ́kọ́ rò nígbà tí a ń kọ ìwé yìí. Ẹ mú un lọ sílé, kí ẹ sì fi han ẹni tó bá yẹ kó mọ̀ níbẹ̀.

Ohun tó yí padà

Tẹ́lẹ̀, inú ìwé ilé-ìwé nìkan ni owó ìfẹ̀yìntì wà. Bí ẹnì kan bá ń lọ, a óò ṣírò ohun tó tọ́ sí i, lẹ́yìn náà la óò tó máa wá owó. Àwọn kan rí tiwọn gbà kíá. Àwọn kan dúró di ìgbà tí àwọn òbí san owó táàmù tó tẹ̀ lé e. Láti owó oṣù Kejì ọdún yìí, owó yín kò ní sí lọ́wọ́ wa mọ́. Yóò máa wọ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì tó jẹ́ ti oníkálukú, lórúkọ ara rẹ̀. Bí ilé-ìwé bá tilẹ̀ kógbá wọlé, owó tó ti wọlé kò lè bá a lọ.

Ẹ má rò pé ojú àánú ni. Òfin pẹ́ńṣọ̀n ọdún 2014, tó rọ́pò ti 2004, ló pọn ọ́n ní dandan fún iléeṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èló ni wọn yóò yọ?

Wọn yóò yọ 8% nínú owó yín. Ilé-ìwé yóò fi 10% kún un láti àpò tirẹ̀. Orí ohun mẹ́ta ni a ti ń ṣírò rẹ̀: ojúlówó owó oṣù, owó ilé àti owó ọkọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú òṣìṣẹ́ kan tí ojúlówó owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦60,000, owó ilé ₦25,000, owó ọkọ̀ ₦15,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦100,000. Wọn yóò yọ ₦8,000 lọ́wọ́ rẹ̀, ilé-ìwé yóò fi ₦10,000 sí i, ₦18,000 yóò sì wọ àkáǹtì rẹ̀ lóṣooṣù.

Ariwo ta ní gbọ̀ngàn nígbà tí a dé ibi ₦8,000 yẹn, a ò sì bá ẹnikẹ́ni wí. Pẹ̀lú bí ọjà ṣe rí báyìí, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ kì í ṣe owó kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo ₦10,000 tó ń tẹ̀ lé e: àpò ilé-ìwé ni ìyẹn ti ń wá, tiyín sì ni. Ohun mìíràn tún ni pé wọn yóò ti yọ 8% yín kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó orí. Ẹni tó bá fẹ́ fi kún tirẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kó kọ lẹ́tà sí wa.

Ta ló mú owó náà dání?

Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù, nítorí gbogbo wa la mọ ẹni tí alájọ ti sá lọ mọ́ lọ́wọ́. Iléeṣẹ́ méjì ni. Èyí tí ẹ bá yàn, tí wọ́n ń pè ní PFA, ló ń pinnu ibi tí wọn yóò fi owó ṣòwò sí, àmọ́ kì í mú owó náà dání. Iléeṣẹ́ kejì, PFC, ló ń tọ́jú rẹ̀. PenCom, àjọ ìjọba àpapọ̀, ń ṣọ́ àwọn méjèèjì. Ilé-ìwé kò gbọdọ̀ jẹ́ kó ju ọjọ́ iṣẹ́ méje lọ lẹ́yìn tí a bá san owó oṣù kí a tó fi owó náà ránṣẹ́. Bí a bá fi falẹ̀, ìtanràn wà níbẹ̀, kò sì lè dín ní 2% owó tí a jẹ lóṣù kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, ẹ má kàn gbà wá gbọ́. Bí owó oṣù bá wọlé, ẹ ka ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ wo fóònù yín. Bí ẹ kò bá rí alẹ́ẹ̀tì láti ọ̀dọ̀ PFA yín, ẹ wá bá wa lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìforúkọsílẹ̀: ibi tí wàhálà wà gan-an

Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó yan PFA. Bí ọ̀gá kan bá ní kí ẹ yan ti ẹ̀gbọ́n òun, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì yan èyí tó wù yín. Ẹ lè yí i padà tó bá yá, kò kàn gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún.

Ohun tó máa ń dá fọ́ọ̀mù padà ni orúkọ. Ìyàwó ilé kan lè lo orúkọ bàbá rẹ̀ lórí NIN, kó lo orúkọ ọkọ ní báńkì, kó sì lo Fọláṣadé lórí ìwé wa níbi tí NIN ti kọ Ṣadé. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Ọjọ́ ìbí náà ńkọ́? Ẹ gbé NIN, BVN àti lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín síwájú ara wọn lálẹ́ òní, kí ẹ kà wọ́n lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn.

Ẹni tó ti ní nọ́ńbà àkáǹtì ìfẹ̀yìntì láti ibi iṣẹ́ àtijọ́ (PEN ló fi bẹ̀rẹ̀, díjíìtì 12 ló tẹ̀ lé e) kò gbọdọ̀ ṣí òmíràn. Kó mú ti tẹ́lẹ̀ wá.

Ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè yín

Bí mo bá kúrò níbí ńkọ́? Àkáǹtì ń tẹ̀ lé yín lọ síbi iṣẹ́ tuntun. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún, tí kò sì rí òmíràn láàárín oṣù mẹ́rin, ó lè béèrè fún 25% owó tó wà níbẹ̀.

Ìgbà tí mo bá fẹ̀yìn tì ńkọ́? Ẹ óò gba apá kan lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó kù yóò sì máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó rò pé gbogbo rẹ̀ ni òun yóò kó lọ́jọ́ kan, kó tètè mọ̀ báyìí.

Bí mo bá kú ńkọ́? Owó inú àkáǹtì yóò lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ìwé ìhágún bá dárúkọ, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ bá fún ní ìwé àṣẹ. Yàtọ̀ sí èyí, ilé-ìwé ló ń san owó ìbánigbófò ẹ̀mí, tí kò gbọdọ̀ dín ní owó ọdún mẹ́ta. Fún ẹni ₦100,000 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ₦3,600,000 nìyẹn. Ẹ kọ orúkọ ìbátan yín dáadáa, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tó ń lọ. A ti rí fọ́ọ̀mù tí orúkọ ẹni tó ti kú ṣì wà lórí rẹ̀.

Èmi kì í gba èlé. Ó yé wa. Ẹ sọ fún PFA yín pé Fund VI lẹ fẹ́. Wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún irú yín.

Owó àwọn ọdún tó ti kọjá ńkọ́? A ti ṣírò rẹ̀ títí dé 31 oṣù Kejìlá, 2025. Oníkálukú yóò gba lẹ́tà tí iye tirẹ̀ wà nínú rẹ̀ kí oṣù Kejì tó parí. Ẹni tí iye náà kò bá tẹ́ lọ́rùn ní oṣù kan láti wá sọ̀rọ̀.

Ìgbìmọ̀ kò tíì pinnu lórí àwọn olùkọ́ tó ń wá lọ́jọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Títí di ìgbà náà, ẹ má fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kankan.

Àwọn aṣojú PFA yóò wà ní yàrá ìkàwé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Kìíní, láti aago mẹ́wàá. Fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ Ẹtì, 30 oṣù Kìíní. Ẹni tó bá ní àtúnṣe orúkọ lórí NIN, kó wá gba àyè ìdajì ọjọ́ lọ́wọ́ wa kó fi lọ ṣe é. A kò ní yọ owó ọjọ́ náà.