Lẹ́tà sí Àwọn Dókítà Jẹjẹrẹ Lórí Síkáànù Ìyá Mi àti Ohun Tí Ìtọ́jú Wọn Wà Fún

Ìbàdàn,
15 Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Sí Dókítà Àgbà, àwọn dókítà tó kù, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń po oògùn,
Ẹ̀ka Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ.

Lórí: Ìyáàfin Àbẹ̀kẹ́, ẹni ọdún 64, jẹjẹrẹ ọmú òsì. Kílíníìkì Ọjọ́rú, 24 Oṣù Kẹsàn-án.

Ẹ̀yin olùtọ́jú wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú. Èmi Fọláṣadé, àbígbẹ̀yìn ìyá, ni mò ń tọ́jú wọn nílé. Ìyá mọ̀ pé mò ń kọ lẹ́tà yìí. Mo kà á sí wọn létí, wọ́n sì tẹ ìka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé kí ẹ bá mi sọ gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì wọn. Ohun méjì ni a fẹ́ mọ̀: kí ni síkáànù tuntun yìí sọ gan-an, kí sì ni ìtọ́jú wà fún láti ìsinsìnyí lọ? Mo tètè fi ránṣẹ́ kí ẹ lè ráyè wo àwọn àwòrán náà ṣáájú, torí èrò máa ń pọ̀ ní ọjọ́ kílíníìkì, fáìlì wọn sì ti nípọn.

Kí ẹ má bàa máa wá a kiri: 2021 ni àyẹ̀wò fi hàn pé jẹjẹrẹ ni. Wọ́n gé ọmú òsì, wọ́n gba kẹ́mò àti ìtànṣán, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ létírósóòlù 2.5 mílígíráàmù lójúmọ́ ní 2022, torí pé kókó náà ń jẹun lára họ́mọ́ònù, kò sì ní HER2. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Síkáànù 14 Oṣù Kìíní rí kókó méjì nínú ẹ̀dọ̀ àti ibi tí egungun ọ̀pá ẹ̀yìn L2 ti jẹ. Pakilitásẹ́ẹ̀lì ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹta. Síkáànù kejì wáyé ní 9 Oṣù Kẹsàn-án, ìwé àbájáde rẹ̀ sì ni ó dà wá lọ́kàn rú.

Síkáànù àkọ́kọ́ ní kókó inú ẹ̀dọ̀ fẹ̀ tó 2.4 àti 1.6 sẹ̀ǹtímítà. Ti kejì ní 2.1 àti 1.3. Bí a bá ro wọ́n pọ̀, 4.0 ti di 3.4, ìyẹn ìdínkù 15 nínú 100. Mo mọ̀ pé ìdínkù gbọ́dọ̀ tó 30 kí ẹ tó lè sọ pé kókó ń gbọ́ oògùn, ó sì gbọ́dọ̀ fi 20 pọ̀ ju ìgbà tó kéré jù lọ kí ẹ tó sọ pé ó ń dàgbà. Tí a bá wo ẹ̀dọ̀ nìkan, a jẹ́ pé ojú kan ló wà. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà sọ pé ibì kan tuntun wà ní egungun ọ̀pá ẹ̀yìn T11, tó funfun, tó sì le. Dókítà tó ka àwòrán parí ọ̀rọ̀ báyìí: «ó jọ ìtànkálẹ̀, kò sí àwòrán àtẹ̀yìnwá láti fi wé e.»

Níbẹ̀ ni wàhálà wà. Síkáànù àkọ́kọ́ jẹ́ ti ilé àyẹ̀wò aládàáni, ìwé nìkan ni wọ́n sì kó fún wa nígbà náà. Mo ti gba sídíì rẹ̀ báyìí, ó wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà àwòrán gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó sì dá wa lóhùn lórí T11: ṣé ibi tuntun ni, àbí ó ti wà níbẹ̀ ní Oṣù Kìíní tí kò hàn, tó wá ń funfun torí pé egungun ń jinná? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ló máa sọ bóyá oògùn ti kùnà tàbí ó ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní fẹ́ kí a yí oògùn padà nítorí egungun tó ń sàn.

Ohun méjì mìíràn tún lè jẹ́ kí ìwọ̀n náà má ṣeé gbọ́kàn lé. Wọn ò gún oògùn àwọ̀ fún síkáànù kejì nítorí àyẹ̀wò kíndìnrín, bẹ́ẹ̀ sì ni etí kókó inú ẹ̀dọ̀ kì í hàn dáadáa láìsí àwọ̀. Èkejì ni pé oṣù bíi méjì wà láàárín síkáànù àkọ́kọ́ àti ìbẹ̀rẹ̀ kẹ́mò. Bí kókó bá ti fẹ̀ sí i ní àárín ìgbà náà, ìdínkù gidi ju 15 lọ. Ṣé ọ̀nà mìíràn wà láti wo ẹ̀dọ̀ náà láìfi kíndìnrín sínú ewu, bí ọ́ltírásáǹdì? Ẹ tún bá wa wo èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ CA 15-3 mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú fáìlì, kí a mọ ibi tó ń lọ. Mo mọ̀ pé òun nìkan kò tó dá ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ kíndìnrín kan náà ló mú mi dé orí oògùn. Kirẹatíníìnì wọn ní 9 Oṣù Kẹsàn-án jẹ́ 128 máíkírómóòlù nínú lítà kan. Ìwúwo wọn ti wálẹ̀ láti 66 sí 58 kílò. Mo fi ọjọ́ orí àti ìwúwo ṣírò bí kíndìnrín ṣe ń fọ ẹ̀jẹ̀, mo rí bíi 36 mílílítà ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣírò, torí oògùn mẹ́ta ló so mọ́ ọn.

Ìkínní ni kapesitábìn tí dókítà kékeré kọ ní 4 Oṣù Kẹsàn-án: oníhóró 500 mílígíráàmù mẹ́rin láàárọ̀, mẹ́rin lálẹ́, fún ọjọ́ 14, kí a sinmi fún ọjọ́ 7. Wọ́n kọ ọ́ kí èsì kíndìnrín tó dé. Ìwé oògùn náà sọ pé tí ìwọ̀n kíndìnrín yìí bá wà láàárín 30 sí 50, kí a dín in kù sí 75 nínú 100, tí ó bá sì wà lábẹ́ 30, kí a má lò ó rárá. A ti ra á, ṣùgbọ́n a ò tíì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. A ń dúró dè yín.

Èkejì ni abẹ́rẹ́ egungun, sólẹ́dírónéètì. Wọ́n gba 4 mílígíráàmù gbẹ̀yìn ní Oṣù Kẹjọ. Ṣé kò ní dín sí 3 báyìí, tàbí kí a sún un síwájú? Eyín ìsàlẹ̀ kan sì ń mì. Ṣé kí a kọ́kọ́ rí dókítà eyín ṣáájú abẹ́rẹ́ tó ń bọ̀, nítorí ewu egungun àgbọ̀n?

Ẹ̀kẹta ni mọ́fíìnì olómi, 10 mílígíráàmù ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Ó ń pa ìrora ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, oorun ń gbé wọn lọ láàárín ọ̀rọ̀, ọwọ́ wọn sì ń ta gìrì bí wọ́n bá mú ife. Mo ń fura pé oògùn ń gbára jọ torí kíndìnrín kò gbé e jáde bó ṣe yẹ. Èyí ò lè dúró de 24. Mo ti pe nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ní kí a wá gba ẹ̀jẹ̀ lọ́la, a ó sì wá.

Ẹ má bínú, ẹ gbọ́dọ̀ mọ èyí náà: kí mọ́fíìnì tó dé, ìyá ń ra dáíkílófẹ́nákì lọ́wọ́ oníkẹ́mísítì àdúgbò, wọ́n sì ń mu agbo tí ọ̀rẹ́ wọn gbé wá. A ti dá méjèèjì dúró. Tí ẹ bá fẹ́ bi wọ́n léèrè, ẹ rọra bi wọ́n o; tí wọ́n bá rí i pé ẹ ń bá wọn wí, wọn ò ní sọ tòótọ́ mọ́.

Ẹ wá bá wa sọ ohun tí ìtọ́jú wà fún, ẹ sọ ọ́ láìfi bò. Mo mọ̀ pé jẹjẹrẹ ọmú tó ti dé ẹ̀dọ̀ àti egungun kì í sábà lọ pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá. «A ó máa gbìyànjú» ni wọ́n ń gbọ́ ṣáá. Ṣé kí kókó dúró sójú kan fún ìgbà pípẹ́ ni? Àbí ìrora ni a fẹ́ dín kù? Kí ni ẹ ó rí tí ẹ ó fi sọ pé kapesitábìn ń ṣiṣẹ́, ìgbà wo ni ẹ ó wò ó, kí sì ni ẹ ó rí tí ẹ ó fi ní kí a dá a dúró? Bí a kò bá gba kẹ́mò mọ́, kí ló kù: oògùn họ́mọ́ònù mìíràn, ìtànṣán ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sí L2 fún ìrora, àwọn olùtọ́jú ìrora nílé?

Ẹ wo ìgbé ayé wọn kí ẹ tó dáhùn. Aṣọ àdírẹ ni ìyá ń tà, ọwọ́ wọn sì ni wọ́n fi ń di í. Láti ìgbà pakilitásẹ́ẹ̀lì, ìka wọn ti kú tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò lè tú ewé ẹ̀kọ; èmi ni mò ń tú u. Wọ́n ń rìn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń dá wẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń sùn ní ìlàjì ọ̀sán. Ohun tí wọ́n ní kí n kọ rèé, bí wọ́n ṣe sọ ọ́: «Bí oògùn yẹn á bá jẹ́ kí n jókòó sí ìsọ̀ mi, ẹ fún mi. Bó bá jẹ́ kí n kàn máa mí lórí bẹ́ẹ̀dì ni, ẹ sọ fún mi, kí n mọ̀.» Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ tí kapesitábìn máa ń bó yẹ̀ wò.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Lọ́ńdọ́nù lè pè yín, kí ó ní kí ẹ má sọ nǹkan kan fún ìyá, kí ẹ sọ fún òun. Ìfẹ́ ló ń dà á láàmú, ṣùgbọ́n ìyá ò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ohun tí ìtọ́jú lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Wọn ò fẹ́ gbọ́ iye oṣù, àfi tí wọ́n bá fi ẹnu ara wọn bèèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó gbọ́ Yorùbá dáadáa wà níbẹ̀, kí ó má jẹ́ pé èmi ni n ó máa túmọ̀. Mo lè fi ìbẹ̀rù ti ara mi bo ọ̀rọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí a jókòó nínú yàrá, kí ó má jẹ́ ọ̀nà àbákọjá, kí ẹ sì fún wa ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí ìyẹn bá tilẹ̀ túmọ̀ sí pé àwa la máa gbẹ̀yìn.

Ẹ tún bá wa kọ ohun tó yẹ ká fi sáré wá láìdúró de kílíníìkì sínú ìwé kan. Èyí tí mo mọ̀ ni ibà tó dé 38 lásìkò kẹ́mò, ẹsẹ̀ tó rọ lójijì, kíkú ìdí, àìlètọ̀ tàbí ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò ṣeé mú dúró, nítorí L2 àti T11. Nọ́ńbà wo ni ká pè lóru, ẹnu ọ̀nà wo ni wọ́n ti ń gbani wọlé lópin ọ̀sẹ̀?

Lórí owó: ìdílé wa ò ní ìwé ìbánigbófò kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ wa fún òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re kí ó wò ó bóyá ìyá lè rí gbà nínú owó ìrànwọ́ jẹjẹrẹ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀, kí a tó ra ìpele kejì oògùn.

Sídíì síkáànù, ìwé àbájáde méjèèjì, ìwé oògùn 4 Oṣù Kẹsàn-án àti àkójọ oògùn tí wọ́n ń lò nílé pẹ̀lú àkókò wọn wà nínú àpòòwé. Bí dókítà àwòrán bá nílò àkókò ju ọjọ́ 24 lọ, ẹ sún ìjíròrò náà síwájú. Ọ̀rọ̀ mọ́fíìnì nìkan ni kò gbọ́dọ̀ sún.

Èmi ni tiyín,

Fọláṣadé, ọmọ wọn obìnrin.

Ìka ìyá: Mo gbà kí ẹ bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Àbẹ̀kẹ́.