Ìròyìn ìyàtọ̀: ibi tí pílà dúró sí àti ibi tí àwòrán sẹ́tín ní kó dúró

Sáìtì: ilé alájà méjì, Ọ̀nà Ọ̀ba-Ilé, Àkúrẹ́
Sí: Ẹnjiníà ilé
Láti ọ̀dọ̀: Sọ́fíyọ̀ sáìtì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù Òkúdu 2025

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí káfíńtà kan pákó bíìmù. Pílà 12 la wọ̀n láàárọ̀ àná, mẹ́jọ dáa, mẹ́rin kọjá 10 mm tí àwòrán yín gbà wá láyè.

Èèkàn kọ̀ǹtírò méjì tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì la fi gbé tótà-sítéṣọ̀n kalẹ̀, nígbà tá a padà wo èkejì 2 mm péré ló fi yàtọ̀, torí náà ẹ̀rọ ò lẹ́bi. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pílà kọ̀ọ̀kan la mú ká tó wá àárín ẹ̀.

Ìlà 3, gbogbo ẹ̀ sún sí àríwá:
A3: 4 mm
B3: 15 mm
C3: 27 mm
D3: 39 mm

Ẹ wò ó bó ṣe ń gorí ara ẹ̀, 11, 12, 12. Ká ní bíríkìlà ló ṣi tépù kà ni, kò ní gún régé báyẹn. Okùn ló yí. Mo lọ síbi pákó profáìlì ìlà 3 lápá D, ìṣó ẹ̀ ti kúrò láyè ẹ̀ ní 43 mm, yanrìn típà sì wà lórí ẹsẹ̀ pákó náà títí di báyìí. Fọ́máànù ní òun ò rí ìgbà tó kọlù ú. Ó dáa.

B2 lọ̀rọ̀ wà. Tá a bá fi wé àwòrán tó wà lọ́wọ́ mi, èyí tẹ́ ẹ tún ṣe, ó fi 148 mm kù sí ìwọ̀-oòrùn, àmọ́ tá a bá fi wé àwòrán àkọ́kọ́, 2 mm ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ò ṣàṣìṣe nìyẹn, ìwé àtijọ́ ni wọ́n fi sẹ́tín, èyí tó ti ya létí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn sítọ̀ ni mo bá lọ́wọ́ wọn. Ẹ sì rántí pé torí àtẹ̀gùn lẹ ṣe sún B2 lọ sí ìlà-oòrùn ní 150 mm, kí àyè ẹ̀ lè di 1200 mm, bó ṣe wà yìí 1052 mm ló kù.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dáhùn: ṣé bíìmù 225 mm lè jókòó lórí D3 pẹ̀lú 39 mm tó yọ síta yẹn, àbí ẹ máa fẹ pílà náà? B2 ńkọ́, wíwó ni àbí ẹ máa yí àtẹ̀gùn? Mo ti sọ fún wọn kí ẹnikẹ́ni má tẹ irin tó yọ lórí pílà kó lè bá ìlà mu kí ìwé yín tó dé, torí mo rí ẹni tó ti mú páìpù dání.

Àwòrán àtijọ́ yẹn, mo ti ká a kúrò lára ilẹ̀kùn. Lọ́la ní aago méje màá tún ìlà 3 fà, kẹ́ ẹ bá mi rán ẹnì kan wá wò ó.