KÁNJÚKÁNJÚ: ẹ fọwọ́ sí ₦14,800,000 kí aago 12 ọ̀sán òní tó lù (kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ Ìjọ́rà)

Ọ̀gá wa, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa fọwọ́ sí ₦14,800,000 tó wà lójú ìwé báńkì kí aago 12 ọ̀sán òní, Ọjọ́bọ̀, tó lù, kí a lè fi ra kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ tuntun fún yàrá yìnyín wa ní Ìjọ́rà.

Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ ṣáájú ìkíni. Mo mọ̀ pé ẹ ń lọ sí Àbújá lónìí, mo sì fẹ́ kí ẹ rí i kí ẹ tó kúrò ní Marínà.

Ọ̀kan nínú kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ méjèèjì jóná lóru. Fésì méjì péré ni iná gbé wọlé dípò mẹ́ta. Mọ́tò náà ń fi méjì ṣe iṣẹ́ mẹ́ta títí wáyà inú rẹ̀ fi jó. Ìkejì ń dá ṣiṣẹ́ látìgbà náà, kò sì lè gbé e. Ní aago 5 àárọ̀ a wà ní −18°C, níbi tó yẹ kí ẹja dídì wà. Ní aago 8 ààbọ̀ a ti wà ní −16°C. Bó bá ń lọ báyìí, a ó ti kọjá −10°C kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa. Mo ti ní kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni.

Páálí 4,200 ló wà nínú rẹ̀, kílò 20 lọ́kọ̀ọ̀kan: títọ́sì, kòtè àti panlá. Ní ₦75,000 tí a ra páálí kọ̀ọ̀kan, ₦315,000,000 ni. Àwọn ìyá ọlọ́jà Oyíngbò àti Mùṣín ti sanwó 900 páálí nínú rẹ̀, ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá kó o. Títọ́sì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí ó bá yọ́, tó sì gbóná, hísítámìnì máa ń jáde nínú ẹran rẹ̀. A dì í padà o, a sè é o, kò ní lọ. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ara rẹ̀ lè pọ́n, kí orí máa fọ́ ọ, kí ó sì máa bì.

Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ wà nílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà wa ní Alábà, irú tiwa gan-an. Ó ní aago 12 lòun lè dá a dúró dà, ẹlòmíràn ti ń béèrè rẹ̀, òmíràn kò sì ní dé títí di Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Bí owó bá wọlé lásìkò, ẹnjiníà ní iṣẹ́ máa parí ní nǹkan bí aago 9 alẹ́, ẹja inú páálí yóò ṣì le koko. Ẹ̀rọ kékeré tí yóò máa paná bí fésì bá já wà nínú owó náà. Èyí tó wà tẹ́lẹ̀ kò ṣiṣẹ́ lóru. Màá kọ ìròyìn ìyẹn lọ́tọ̀ ní Ọjọ́ Ajé.

A ti rò ó bóyá ká tún wáyà mọ́tò tó jó. Ọjọ́ mẹ́ta ni, bẹ́ẹ̀ ìjóná náà ti sọ ọ́ìlì inú rẹ̀ di ásíìdì, a gbọ́dọ̀ fọ gbogbo páìpù kí a tó lò ó. Mi ò fara mọ́ ọn.

Akọ̀wé owó ti tẹ owó náà wọlé, ìfọwọ́sí kejì, tiyín, ló kù. Àkáǹtì tí a ti ń san fún oníbàárà yìí tẹ́lẹ̀ ni, kò yí padà. Nítorí àwọn gbájúẹ̀ tó ń fi irú ìméèlì kánjúkánjú báyìí gbowó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́kọ́ pè mí lórí nọ́ńbà mi tó wà lórí fóònù yín. Mo wà níbi ẹ̀rọ.

Bí ẹ kò bá fẹ́ ká rà á, ẹ kàn fèsì pé "rárá", màá gbà bẹ́ẹ̀. Bí n kò bá sì gbọ́ ohùn yín títí aago 12 fi lù, màá fi ₦2,000,000 tó wà ní ìkáwọ́ mi háyà ọkọ̀ oníyìnyín, kí n kọ́kọ́ kó títọ́sì lọ sí ilé ẹja tí wọ́n ti bá wa fi àyè sílẹ̀ ní Àpápá. Kò ní gba gbogbo ẹrù. Kòtè àti panlá yóò kù sílẹ̀, a ó sì máa wo ọwọ́ kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ kan ṣoṣo yẹn.

Ẹ ṣeun mà. Ọlọ́run á mú yín dé Àbújá láyọ̀.

Alábòójútó Ilé Ẹja, Ìjọ́rà
Ọjọ́bọ̀, aago 8:40 àárọ̀