Sí Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Ọ̀rọ̀ Irun Mi Nínú Àwọn Fọ́tò Ọgbà

Bọ̀dá Ṣẹ́gun,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú àìsùn pẹ̀lú, nítorí mo wo aago tó wà lára ìránṣẹ́ tí ẹ fi kó àwọn fọ́tò náà wá, aago méjì ààbọ̀ òru ni. Èmi àti ọkọ mi ti wò wọ́n tán, a sì ti tún wọn wò lẹ́ẹ̀mejì sí i. Èyí tí bàbá mi ti ń fi ìka gbọn omijé dànù nígbà tí wọ́n ń fà mí lé ọkọ lọ́wọ́, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni rí wọn. Bàbá tó ti sọ fún gbogbo ilé pé àwọn ò ní sunkún! Ẹ ṣeun gan-an ni.

Àtúnṣe kékeré kan ni mo wá bẹ̀ yín fún kí álíbọ́ọ̀mù tó lọ sí Ṣómólú. Irun mi ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, kí ẹ má baà rò pé kámẹ́rà yín ni mò ń bá wí. Wíìgì tí mo dé lọ́jọ́ náà kì í ṣe tuntun. Ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, irun gidi, ínṣì 18, nọ́ńbà 30 ló sì jẹ́ nígbà tí wọ́n rà á. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ ti ń ya ìyàwó, ẹ ó ti mọ nọ́ńbà irun: 30 yẹn, pupa rúsúrúsú ni. Mo wá gbé e fún onídìrí kan pé kó bá mi fi dáì sọ ọ́ di 1B, kí n lè fi owó wíìgì tuntun ra bàtà. (Bàtà náà kò hàn nínú fọ́tò kankan, gáùn bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀san ni.) Onídìrí ní ó ti dúdú. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lábẹ́ iná gílóòbù, lóòótọ́ ló dúdú. Ìgbà tí a dé ọgbà Agodi ní nǹkan bí aago márùn-ún, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ràn sí i láti ẹ̀yìn, ni gbogbo pupa tó sá pamọ́ sábẹ́ dáì bá yọjú.

Ẹ ṣí DSC_4127.JPG, kí ẹ fà á súnmọ́. Iwájú orí, níbi tí mo ti ya irun sí méjì, dúdú. Láti etí lọ sísàlẹ̀, ó ti ń pupa. Ibi tó ká sí lórí èjìká mi, èèpo ẹ̀pà ló jọ. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ DSC_3866.JPG, èyí tí mo ti ń fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó. Ó dà bíi pé ìyàwó méjì ni ẹ yà. Nínú ètò ojú ewé tí ẹ fi hàn wá, àwọn méjèèjì yìí gan-an ló dojú kọ ara wọn.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n pè mí lórí fóònù: "Ìyàwó mi, ìgbà wo lo ráyè pààrọ̀ irun?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní oòrùn ni. Àmọ́ mi ò lè máa sọ̀rọ̀ oòrùn fún gbogbo àlejò tó bá ṣí álíbọ́ọ̀mù nílé wa. Ọkọ mi ní tòun, irun náà dára, kò sí ohun tó ṣe é. Òun kan náà ló ní òun ò rí ìyàtọ̀ láàárín gèlè méjì tí mo gbé síwájú rẹ̀ pé kó bá mi yàn, nítorí náà a ò ní ka ẹ̀rí rẹ̀ sí.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí irun inú fọ́tò ọgbà bá ti inú ṣọ́ọ̀ṣì mu. 1B ni o, kì í ṣe 1. Mi ò fẹ́ kó dúdú bíi kóró iṣin. Bó bá dúdú jù, fìlà ni yóò jọ lórí mi. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń kọ létí irun láti ẹ̀yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ló jẹ́ kí àwọn fọ́tò ọgbà dùn-ún wò. Pupa inú rẹ̀ ni kí ẹ dín kù. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ gíráfíìkì sì sọ pé ohun tó bá dúdú lójú kọ̀ǹpútà tún máa ń ṣú sí i tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Kí ẹ bá mi dúró níbi tí ojú ṣì ti lè ka fọ́nrán irun.

Òun náà ló ní kí n rán yín létí ohun kan, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ ti mọ̀ ọ́n ju àwa méjèèjì lọ. Ó ní bí ẹ bá fa Orange àti Red wálẹ̀ nínú Lightroom fún odindi fọ́tò, ara wa náà á yí padà, a ó wá dà bí ẹni tó fi eérú para. Aṣọ àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó náà á sì lọ sí i, torí àwọ̀ ọsàn ni wọ́n wọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi jà lórí àwọ̀ aṣọ yẹn, Bọ̀dá Ṣẹ́gun. Bó bá fi lè di búráùn nínú álíbọ́ọ̀mù, ìjà á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Nítorí náà, irun nìkan ni kí búrọ́ọ̀ṣì yín mú.

Ibi tó máa le ni ìbòjú. Ní DSC_4140.JPG àti DSC_4143.JPG, atẹ́gùn gbé ìbòjú wá bo irun lápá òsì, irun náà sì ń yọ láàárín ihò nẹ́ẹ̀tì. Bí dúdú bá kọjá lórí rẹ̀ gbuurugbu, ìbòjú á rí bíi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Bí ẹ bá rí i pé iṣẹ́ àwọn méjì yìí pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ, ẹ yọ wọ́n kúrò nínú álíbọ́ọ̀mù, kí ẹ fi DSC_4151.JPG rọ́pò. Mo fẹ́ràn wọn o, àmọ́ ìbòjú tó funfun wù mí ju irun tó dúdú lọ.

Bí ẹ bá dé DSC_4172.JPG, ẹ rọra. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀, èmi àti àwọn ìyá méjèèjì tí wọ́n ní àwọn ò ní lọ sílé àfi kí àwọn bá wa dé ọgbà. Tèmi nìkan ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Ewú tó yọ lábẹ́ gèlè màmá mi, ní ẹ̀bá etí, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Àǹtí mi gbé dáì lọ bá wọn lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, pẹ̀lú ìbínú ni wọ́n fi lé e jáde. Ti ìyá ọkọ mi tó pupa bíi wáìnì yẹn, 99J ni, wọ́n fi owó ṣe é, ó sì wù wọ́n bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí álíbọ́ọ̀mù tí wọ́n bá irun wọn ní dúdú, ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n máa pè.

DSC_4165.JPG ńkọ́? Ìyẹn ni èyí tí òógùn ti fa dáì wálẹ̀ sí ọrùn gáùn mi lẹ́yìn, tí ọ̀rẹ́ mi ń fi háńkáṣíìfù nù ún, tí èmi sì ń pariwo pé kó má fà á. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ mọ́ àwọn tí ẹ máa tún ṣe, mo sì tún pa á rẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, pẹ̀lú àbàwọ́n, pẹ̀lú irun pupa, pẹ̀lú ẹnu mi tó là sílẹ̀ gbàgà. Kò kúkú sí nínú álíbọ́ọ̀mù. Àwa méjèèjì la máa ń wò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi tún ojú ṣe. Àpá tó wà ní àgbọ̀n mi, mo ti ní in láti kékeré, kò dà mí láàmú. Àwọn fọ́tò ìdána ti ọjọ́ Ẹtì kò ní ìṣòro kankan, gèlè ti bo gbogbo àṣírí mọ́lẹ̀. Ti inú ṣọ́ọ̀ṣì náà dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn ti ọgbà nìkan ni, 14 sì ni gbogbo wọn. Mo ti fi àmì ọkàn sí wọn lára lórí ìkànnì tí ẹ kó wọn sí, kí ẹ má baà máa wá wọn kiri.

Ṣé ẹ lè kọ́kọ́ ṣe ẹyọ kan ṣoṣo, DSC_4127.JPG yẹn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi? Ẹ fi í ránṣẹ́ bíi Document lórí Wásáàpù, torí bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, ó máa ń dín in kù, mi ò sì ní mọ èwo ni irun, èwo ni òjìji. Kíláàsì ni mo máa ń wà títí di aago méjì ọ̀sán, fóònù mi á sì wà ní pípa. Lẹ́yìn ìyẹn, kíá ni mo máa dáhùn. Bó bá ti tẹ́ wa lọ́rùn, kí ẹ wá ṣe mẹ́tàlá tó kù. Ẹ má pa àwọn ti àkọ́kọ́ rẹ́ o. Ta ló mọ̀, ó lè tó ọdún mélòó kan kí pupa yẹn wá wù mí.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Nínú àdéhùn wa, àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan ló wà lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì ti lo tèmi lọ́jọ́ tí mo ní kí ẹ bá mi yọ àga onírọ́bà kúrò lẹ́yìn kéèkì. Nítorí náà, ẹ dárúkọ iye. Ẹ má wulẹ̀ kọ "kò sí wàhálà" ránṣẹ́ sí mi, fọ́tò 14 kì í ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ẹ bá sì rí i pé kò ní ṣe é parí kí ẹ tó gbéra lọ sí Ṣómólú lọ́jọ́ Ẹtì, ó tẹ́ mi lọ́rùn kí álíbọ́ọ̀mù pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Màmá mi tó ń bèèrè ẹ̀ lójoojúmọ́ ni kò ní tẹ́ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ.

Èmi ni àbúrò yín,
Bùkọ́lá, ìyàwó ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: agboòrùn funfun tí ọmọ iṣẹ́ yín ń gbé tẹ̀lé yín ṣì wà ní búùtù mọ́tò wa. Ẹ sọ fún un kó má wá a mọ́. Ọkọ mi á já a sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yín lọ́jọ́ Wẹsidé.