Ẹ̀bẹ̀ láti san gbèsè owó orí mi díẹ̀díẹ̀

Ṣọ́ọ̀bù 14, Ìlà Àwọn Aláṣọ,
Ọjà Gbági Tuntun,
Ìbàdàn.
14 oṣù Ọ̀wàrà, 2025.

Ọ̀gá Ẹ̀ka Gbígba Gbèsè,
Iléeṣẹ́ Owó Orí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Ìbàdàn.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ̀BẸ̀ LÁTI SAN ₦826,760 DÍẸ̀DÍẸ̀

Ìwé tí ẹ kọ ní ọjọ́ 25 oṣù Owewe tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ 29. Ẹ ní mo jẹ ₦249,200 lórí èrè ọdún 2022, ₦316,400 lórí ti 2023 àti ₦186,000 lórí ti 2024, pẹ̀lú owó ìtanràn ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦75,160. Èmi àti akáǹtáǹtì tó ń bá mi wo ìwé ọjà ti tún un ṣírò, ó bára mu. Ọgbọ̀n ọjọ́ tí òfin fún mi láti ta ko iye náà kò tíì pé, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé mo fẹ́ jiyàn. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ jẹ́ kí n máa san án díẹ̀díẹ̀, kó tán kí oṣù Agẹmọ 2026 tó parí.

Gbogbo owó tí mo ní nípamọ́, ti báńkì àti ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, jẹ́ ₦390,000. Ẹnikẹ́ni tó bá rí èrè ₦2,800,000 tí ẹ kọ fún ọdún 2023 lè béèrè pé níbo ni owó náà wọlé sí. Inú aṣọ ni. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní oṣù Òkúdù ọdún náà, iye tí mo fi ń ra bélì àńkárá méjì kò ra ẹyọ kan mọ́. Bí mo bá ta ọjà tán, èrè rẹ̀ náà ni mo tún ń kó lé owó ọjà kí igbá má baà ṣófo. Apá kan sì wà lọ́wọ́ àwọn tó kó aṣọ ẹbí ní àwìn. Mò ń sin wọ́n lówó.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí ẹ̀bẹ̀ yìí ni màá san ₦226,760. ₦163,240 ló máa ṣẹ́ kù, òun ni màá fi ra ọjà ọdún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ní kí n kó ìyẹn náà wá: bí aṣọ ò bá sí nínú ṣọ́ọ̀bù ní oṣù Ọ̀pẹ, kò síbi tí owó tó kù yóò ti wá.

Ó ku ₦600,000. Màá san ₦100,000 ní oṣù Bélú àti ₦100,000 ní oṣù Ọ̀pẹ, nítorí ìgbà náà ni ìgbéyàwó pọ̀. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ dé Igbe, ₦45,000 lóṣooṣù. Iléyá bọ́ sí oṣù Èbìbí lọ́dún 2026, nítorí náà ₦100,000 ni ti oṣù yẹn, lẹ́yìn náà ₦60,000 ní Òkúdù àti ₦60,000 ní Agẹmọ. Màá máa fi owó náà ránṣẹ́ láti báńkì kí ọjọ́ 28 oṣù kọ̀ọ̀kan tó kọjá.

Mo mọ̀ pé ₦45,000 lè kéré lójú yín. Èrè mi lọ́dún yìí ò ju bíi ₦165,000 lóṣù. Oúnjẹ, owó ilé àti owó iléèwé ọmọ méjì ń gba ₦90,000 níbẹ̀. Mo sì ń yọ ₦15,000 sọ́tọ̀ fún owó orí ọdún 2025, tí mo gbọ́dọ̀ kọ ìwé rẹ̀ wá kí oṣù Ẹrẹ̀nà tó parí. Bí mo bá kọ ₦70,000 fún yín ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ẹ̀yin gan-an yóò mọ̀ pé ẹnu lásán ni.

Ẹ jọ̀wọ́, tí mo bá ṣì ń san án bí a ṣe jọ fohùn sí i, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n wá ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Ẹ tún bá mi wo owó ìtanràn yẹn bóyá ẹ lè dín in kù, kí ẹ sì má jẹ́ kí èlé máa gorí ìyókù. Tí ẹ bá dín in, kí ẹ yọ ọ́ nínú ti oṣù Agẹmọ. Bí mo bá sì yẹ àdéhùn fún oṣù méjì tẹ̀ léra wọn, mo gbà kí ẹ béèrè gbogbo ìyókù lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo so àkọsílẹ̀ báńkì oṣù mẹ́fà, ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, orúkọ àwọn tó jẹ mí lówó àti ẹ̀dà ìwé yín mọ́ ọn. Ọjọ́ Ajé ni ọjà máa ń dá díẹ̀, mo lè wá sí ọ́fíìsì yín ní àárọ̀ ọjọ́ náà bí ẹ bá fẹ́ bi mí ní ohunkóhun.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Àlàkẹ́ Adéṣínà (Ìyáàfin)