Ìpè fún Àṣamọ̀ àti Ìlànà Ìforúkọsílẹ̀: Àpérò Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Oyè Gíga, Ilé-Ifẹ̀, Ọjọ́ 11 sí 13 Oṣù Kọkànlá Ọdún 2026

Sí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tó ń kàwé fún oyè másítáàsì àti oyè ọ̀mọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń pè yín sí àpérò ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan. Yóò bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 11, yóò sì parí ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13, oṣù Kọkànlá ọdún 2026, nínú ọgbà yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣètò rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò sì ka iṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ wa náà ń bọ̀, ṣùgbọ́n ìjókòó olùgbọ́ la tẹ́ sílẹ̀ dè wọ́n.

Kókó àpérò: Èdè Yorùbá ní Kíláàsì, Lójú Ìwé àti Lórí Ẹ̀rọ

Ilé-Ifẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ní ìtàn. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan níbí, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé láti ọdún kẹrin lọ. Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé kò rẹ̀yìn, Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tọ́ka sí ìwádìí yìí níbikíbi tí wọ́n bá ti ń jiyàn lórí èdè tó yẹ kí a fi kọ́ ọmọ.

Iyàn náà kò sì tíì tán. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kan náà fagi lé e, wọ́n ní kí Gẹ̀ẹ́sì padà sí ipò rẹ̀. Ariwo ta, ẹni tó bínú bínú, ẹni tó yọ̀ yọ̀. A kò pe àpérò yìí láti tún ariwo náà pa. Àròyé pọ̀ nílẹ̀ jàntìrẹrẹ; ohun tó wọ́n ni àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an bí olùkọ́ bá ti wọ kíláàsì tó ti ilẹ̀kùn. Yorùbá wo ni wọ́n ń sọ? Ìgbà wo ni wọ́n ń ṣẹ́rí sí i? Kí ni wọ́n ń pe ìdá àti ìpín nínú ìṣirò? Irú nǹkan báyìí la fẹ́ gbọ́.

Ní ti ojú ìwé, ẹ lè mú iṣẹ́ wá lórí àkọtọ́, ìwé ìkọ́ni, ìwé ìròyìn, ìtúmọ̀, tàbí bí a ṣe ń sọ ewì alohùn di àkọsílẹ̀. Ọ̀nà ìkọ̀wé tí ìjọba fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní ọdún 1974 ni àwa ń lò, ṣùgbọ́n àwọn ará wa ní Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ń lo ɛ àti ɔ, wọ́n sì ń kọ sh níbi tí a ti ń kọ ṣ. Ẹni tó bá wá láti ọ̀hún kò ní láti pààrọ̀ àkọtọ́ rẹ̀ nítorí tiwa. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ nílé.

Ní ti ẹ̀rọ, a ń retí iṣẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù, ìwé atúmọ̀-èdè orí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹnu di àkọsílẹ̀, àti bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń kọ Yorùbá lórí fóònù láìfi àmì kankan sí i. Iṣẹ́ tí kò bọ́ sábẹ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣùgbọ́n tó kan èdè Yorùbá láti ọ̀nà mìíràn, ẹ fi ránṣẹ́. Ohun tó bá dára, a ó wá àyè fún un.

Ta ló lè fi àṣamọ̀ ránṣẹ́?

Ẹnikẹ́ni tó ń kàwé lọ́wọ́ fún másítáàsì tàbí oyè ọ̀mọ̀wé, ní yunifásítì yòówù kó jẹ́, nílé tàbí lókè òkun. Ẹni tó gba oyè rẹ̀ lẹ́yìn oṣù Kìíní ọdún 2025 náà lè fi ránṣẹ́. Kò pọn dandan kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yín jẹ́ ti Yorùbá: ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ìmọ̀ ìṣègùn tàbí òfin lè ní ohun tí kò sí lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ tí kò tíì parí kò burú rárá, bí ẹ bá ṣáà ti ní dátà díẹ̀ lọ́wọ́ tí ẹ lè fi hàn wá. Ẹ̀yin àti ẹnìkejì lè jọ kọ iṣẹ́ kan. Ṣùgbọ́n bí orúkọ alábòójútó yín bá wà lórí rẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ kà á, kì í ṣe wọn.

Bí àṣamọ̀ ṣe gbọdọ̀ rí

Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì lẹ lè fi kọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kó dín ní igba (200) ọ̀rọ̀, kó má sì ju ọ̀ọ́dúnrún (300) lọ, kí kókó ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tẹ̀ lé e. Ẹ sọ ìbéèrè tí ẹ fẹ́ dáhùn, ibi tí dátà yín ti wá, bí ẹ ṣe gbà á, tíọ́rì tí ẹ fi ń wò ó, àti ohun tí ẹ ti rí títí di ìsinsìnyí.

Àwọn tí yóò ka àṣamọ̀ ní ká bẹ̀ yín lórí ohun kan. Gbólóhùn bíi "Iṣẹ́ yìí yóò tú iṣu dé ìsàlẹ̀ ìkòkò lórí ipa tí èdè Yorùbá ń kó láwùjọ" kò sọ nǹkan kan fún wọn. Ẹ wo èyí ná: "Mo gba ohùn olùkọ́ ìṣirò mẹ́fà sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkirè, láti mọ ìgbà tí wọ́n ń kúrò nínú Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sínú Yorùbá bí wọ́n bá ń kọ́ ìdá." Ẹni tó ka èyí ti mọ ibi tí ẹ lọ, ẹni tí ẹ bá pàdé àti ohun tí ẹ ń wá. Ìwé rẹpẹtẹ tí ẹ ti kà lórí kókó náà, ẹ fi í pamọ́ di ọjọ́ àpérò.

Ẹ tún gbọ́ ti fọ́ǹtì, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà máa ń wà. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Yunikóòdù, ṣùgbọ́n lẹ́tà bíi ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo: ọ (U+1ECD) ni ẹ ó kọ́kọ́ tẹ̀, kí àmì ohùn ìsàlẹ̀ (U+0300) tó gun orí rẹ̀. Fọ́ǹtì àtijọ́ tí wọ́n fi ọgbọ́n ṣe kí Yunikóòdù tó délẹ̀ máa ń di ràkọ̀ràkọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Àmì á lọ, àpótí òfìfo á gba ipò rẹ̀. Nítorí náà, Charis SIL tàbí Noto Serif ni kí ẹ lò. Ẹ fi fáìlì méjì ránṣẹ́, ọ̀kan tí a lè tún ṣe àti ọ̀kan tí a ó máa wò láti mọ bí àmì ṣe rí nígbà tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ fi orúkọ ìdílé yín sọ ọ́ báyìí:

```
IFE2026_Adeoye.docx
IFE2026_Adeoye.pdf
```

Ẹ má kọ orúkọ yín sínú àṣamọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò gbọdọ̀ mọ ẹni tó ni ín. Inú ímeèlì ni kí orúkọ, yunifásítì, oyè tí ẹ ń kà fún àti nọ́ńbà fóònù wà. Ímeèlì tí ìpè yìí bá wá ni kí ẹ dá lóhùn. Ẹ kọ `ASAMO 2026` sí orí rẹ̀. Ẹnì kan, àṣamọ̀ kan.

Ọjọ́ tó ṣe kókó

- Àṣamọ̀ gbọdọ̀ wọlé kó tó di agogo méjìlá òru, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 31 oṣù Keje.
- Ẹ ó gbọ́ èsì ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ. Ẹni tí a kò mú náà yóò gba àlàyé, kì í ṣe "ẹ ṣeun" lásán.
- Ìforúkọsílẹ̀ olówó pọ́ọ́kú parí ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án, gbogbo ìforúkọsílẹ̀ sì parí ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá.
- Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kà gbọdọ̀ tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá. Ojú ìwé mẹ́wàá ti tó.

Ọjọ́ ìkẹyìn yìí kò ṣeé sún. Olùfèsì kan yóò ti ka iṣẹ́ yín nílé kí ẹ tó dé. Ìṣẹ́jú ogún lẹ ní láti kà á, olùfèsì ní mẹ́wàá, àwọn olùgbọ́ ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ti sú wa, àpérò tí wọ́n ti ń fún ènìyàn ní ìṣẹ́jú méje, tí alága á sì máa na pépà sókè pé àsìkò ti lọ.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni a yà sọ́tọ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àfọwọ́ṣe: bí a ṣe ń tẹ Yorùbá olámì lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù, àti bí a ṣe ń tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí a fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín dání bí ẹ bá ní.

Owó ìforúkọsílẹ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ka iṣẹ́ yóò san ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà (₦12,000) bó bá tètè san, tàbí ₦18,000 lẹ́yìn ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tó kàn fẹ́ wá jókòó gbọ́ yóò san ₦6,000. Àwọn tó ń bọ̀ láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò lè san ẹgbẹ̀rún márùn-ún owó Sẹ́fà nígbà tí wọ́n bá dé. Ẹni tó fẹ́ ka iṣẹ́ láti orí ẹ̀rọ, ₦8,000 nílé, ogún dọ́là lókè òkun. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ìjókòó orí ẹ̀rọ, láti agogo mẹ́ta ní Ifẹ̀, èyí tó jẹ́ agogo méjì ní Lọ́ńdọ̀nù àti agogo mọ́kànlá àárọ̀ ní Bàhíà.

Owó yìí kárí tíì, oúnjẹ ọ̀sán fún ọjọ́ mẹ́ta, ìwé àṣamọ̀ àti ìwé ẹ̀rí. Kò sí báàgì, kò sí kálámù, kò sí fìlà alámì. A wò ó pé ìrẹsì àti ẹran wúlò jù wọ́n lọ.

Ẹ má san kọ́bọ̀ kan kí ẹ tó gba lẹ́tà ìtẹ́wọ́gbà. Inú lẹ́tà náà ni nọ́ńbà àkáǹtì yóò wà. Ẹnikẹ́ni tó bá fi àkáǹtì ránṣẹ́ sí yín ṣáájú rẹ̀, kì í ṣe àwa. Ẹ̀yin tó ń wá gbọ́, ẹ kọ̀wé sí wa, a ó fi tiyín ránṣẹ́. Bí ẹ bá ti san, ẹ ya fọ́tò rìsíìtì, kí ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ bí ẹ ṣe fẹ́ kó wà lórí ìwé ẹ̀rí, pẹ̀lú àmì rẹ̀ pérépéré. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà tí ọ̀nà wọn jìn tí kò sí ìrànlọ́wọ́ fún wọn ni a ó mú wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi gbólóhùn méjì ṣàlàyé ara yín nínú ímeèlì àṣamọ̀. Ẹ má kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ gígùn.

Ibùsùn àti ìrìnnà

A ti bá wọn sọ̀rọ̀ fún ibùsùn ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ₦3,000 fún òru kan, ènìyàn méjì ní yàrá kan. Ẹ mú aṣọ ìbora dání. Ẹ sọ fún wa nígbà tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń mu omi tó tòrò. Ẹni tó bá fẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì, ó wà nígboro.

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Ìbàdàn, Ìwó Road ni kó ti wọ ọkọ̀ Ifẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ gba Òṣogbo. Ẹ ní kí wọ́n já yín sí ẹnu géètì yunifásítì. Takisí tó ń wọ inú ọgbà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá lè dé kí ilẹ̀ tó ṣú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 10, ẹnì kan nínú wa yóò wà ní géètì títí di agogo méje ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú pátákó tí a kọ ÀPÉRÒ sí.

Ìbéèrè yòówù tí ẹ bá ní, ẹ kọ ọ́ sí ímeèlì kan náà. A ń dáhùn láàárín ọjọ́ mẹ́ta, àyàfi bí iná bá lọ.

Ìgbìmọ̀ Olùṣètò Àpérò,
Ilé-Ifẹ̀